Ìwé Ọpẹ́ Kan fún Ọmọ Fọganáísà

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 12, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2024, mo wọ máíkírà ní Dùgbẹ̀, mò ń lọ sí Sáńgo. Ọ̀nà Mókọ́lá dí pa. Àwa mẹ́rin la há ara wa mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, mo gbé àpò ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi lé itan, mo sì ki fóònù bọ àpò síkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a dé Sáńgo, mo sọ̀, mo gba ṣéńjì mi, mo sọdá títì. Ìdí ẹni tó ń sun bọ̀ọ̀lì ni mo wà tí mo fọwọ́ kan àpò mi tí kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọkọ̀ ti lọ sí ọ̀nà Yunifásítì. N kò wo nọ́ńbà rẹ̀, n kò mọ awakọ̀ rẹ̀ rí, irú rẹ̀ sì pọ̀ ní Ìbàdàn ju ewé lọ.

Fóònù náà kì í ṣe olówó ńlá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo ń sunkún sí. Ní oṣù méjì kí bàbá mi tó kú, mo gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Inú fóònù yẹn nìkan ló wà. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la ni màá dà á kọ sí ibòmíràn.

Mo wọ ilé aládùúgbò mi, mo fi fóònù rẹ̀ pe ilé ìfowópamọ́ mi kí wọ́n ti àkáǹtì mi pa. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó gbà mí níyànjú pé kí n ní kí wọ́n ti láìnì náà pa pẹ̀lú, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Ohun tó dá mi dúró ni pé bí láìnì bá ti kú, kò sí ọ̀nà tí ẹni tó bá rí fóònù náà fi lè gbọ́ ìpè ẹnikẹ́ni. Síìmù mi ní nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀, ẹni tó bá yọ ọ́ sínú fóònù mìíràn kò ní rí i lò. Nítorí náà mo fi láìnì sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tí síìmù rẹ̀ kò bá ní àṣírí kò gbọdọ̀ dúró bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn olè ń gbà wọ àkáǹtì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní apá kejì, ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ọ. Ọmọkùnrin kan wọ ọkọ̀ náà ní Sáńgo, ó jókòó síbi tí mo dìde sí, nǹkan líle kan sì gún un láàárín tìmùtìmù àga àti ilẹ̀kùn. Ó fà á yọ. Ó rí i pé fóònù ni, pé ó ti padé, pé bátìrì rẹ̀ kù díẹ̀. Kò sí bó ṣe fẹ́ fi í pe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n fóònù tó padé ṣì ń gba ìpè wọlé, ìyẹn ló sì fi mọ ọ̀nà. Bó ṣe ń dún ló wo ojú rẹ̀, ó rí i pé “Màámi” ló ń pè. Ó gbé e. Ìyá mi, tí wọ́n wà ní Ọ̀yọ́, tí wọn kò tíì mọ̀ pé nǹkan sọnù, gbọ́ ohùn ọkùnrin tí wọn kò mọ̀: “Ẹ má bínú, mà. Inú máíkírà ni mo ti rí fóònù yìí. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ín?” Wọ́n béèrè ibi tó wà. Ó ní òun ń kọ́ṣẹ́ fọganáísà ní òdìkejì géètì Yunifásítì, ó sì sọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀gá òun. Ìpè náà já mọ́ ìyá mi létí níbẹ̀.

Ìyá mi pe aládùúgbò mi, aládùúgbò mi wá sọ fún mi. Ọmọ náà, ní tirẹ̀, san ọgọ́rùn-ún náírà fún ẹni tó ń ṣáájì fóònù fáwọn èèyàn kí bátìrì náà tó kú, ó ń retí pé kí “Màámi” tún pè. Láàárọ̀ ọjọ́rú mo dé ṣọ́ọ̀bù náà. Kò kàn gbé e fún mi. Ó bi mí pé àwòrán ta ni ó wà lójú rẹ̀, mo ní bàbá mi ni, wọ́n dé fìlà aṣọ òkè. Ó ní kí n ṣí i lójú òun. Mo ṣí i. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ogún ọdún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, èékánná rẹ̀ dúdú fún gírísì, ààwẹ̀ Ràmàdánì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé sì ti gbẹ ètè rẹ̀. Mo na ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní òun kò ṣe é torí owó. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo dúpẹ́, mo lọ.

Mo délé, ọkàn mi kò balẹ̀. Ọpẹ́ ẹnu tí mo dá, láàárín ariwo kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti fèrè ọkọ̀, bí afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀gá rẹ̀ kò sí nílé nígbà náà. Lójú mi, ó yẹ kí n kọ ìwé. Olùkọ́ ni mí, ìwé kíkọ kò ṣòro fún mi, bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kún ojú ewé kan àbọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ayé ṣe bàjẹ́. Mo ní n kò mọ̀ pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣì kù nílùú yìí. Mo ní bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, pàápàá àwọn ọmọ ìdí ọkọ̀, wọn ì bá ti tà á. Mo fi òwe mẹ́ta sí i. Mo kà á fún ìyá mi lórí fóònù, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá bi mí pé: “Ta ni ò ń kọ ọ́ sí, ọmọ náà ni àbí ìjọba?”

Wọ́n ṣàlàyé. Ọmọ tí ò ń kọ̀wé sí, àárín àwọn ọmọ ìdí ọkọ̀ ló ń gbé. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. Bí o bá ní ẹlòmíràn ì bá ti tà á, o ti bú ilé rẹ̀ láti fi yìn ín. Yàtọ̀ sí èyí, ó jọ pé ẹnu ń yà ọ́ pé kò jalè, ìyẹn ni pé olè lo kọ́kọ́ pè é nínú ọkàn rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo fa ìwé náà ya.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi etí sí bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn yẹn, “n kò mọ̀ pé irú yín ṣì wà,” fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tó ń kọ́kọ́ bọ́ sí gbogbo wa lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí tó wà kò tì í lẹ́yìn. Ní ọdún 2019, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onísáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Sáyẹ́ǹsì gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde, tí àwọn olùkọ́ yunifásítì Mísígàn, Yútà àti Súríìkì ṣe. Wọ́n mú àpamọ́wọ́ tó lé ní 17,000 lọ sí ìlú ńlá 355 ní orílẹ̀-èdè 40, wọ́n ń fi wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbàlejò ní ilé ìfowópamọ́, òtẹ́ẹ̀lì, àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́ pé àwọn rí i nílẹ̀ níta. Gánà, Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà wà nínú wọn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Owó wà nínú àwọn kan, kò sí nínú àwọn mìíràn. Ohun tí olúkúlùkù wa ì bá rò ni pé èyí tó lówó nínú kò ní padà. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n bá. Nínú ọgọ́rùn-ún àpamọ́wọ́ tí kò lówó, nǹkan bí ogójì ni wọ́n wá olóhun rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún tó lówó, ó lé ní àádọ́ta.

Àmọ́ ohun kan wà nínú ìwádìí náà tó wúlò fún ẹni tó fẹ́ kọ ìwé ọpẹ́ ju iye owó lọ. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kan sínú àwọn àpamọ́wọ́ kan. Kọ́kọ́rọ́ kò wúlò fún ẹni tó rí i, kò lè tà á, kò lè ná an. Ẹni tó ni ín nìkan ló mọ ìyà tí yóò jẹ òun láìsí i. Síbẹ̀, àpamọ́wọ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ padà sọ́wọ́ olóhun rẹ̀ ju èyí tí kò ní lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń dá nǹkan padà ti jókòó ro ìyà ẹni tó sọ ọ́ nù. Ó ti fojú inú wò ọ́ níbi tí o ti ń wá a káàkiri. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó bá ń fún ọ nìyí: ṣé ohun tí mo rò ni? Ṣé ó ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀? Bí ìwé rẹ kò bá dá a lóhùn, bó ti wù kó gùn tó, kò tíì dúpẹ́.

Mo wá mọ ohun tí mo máa kọ. N kò ní yìn ín pé olóòótọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn bàbá mi ni màá sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo ní láti pinnu ni bóyá “o ṣé” ni màá kọ tàbí “ẹ ṣé.” Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí, ọmọ náà kò ju àkọ́bí mi lọ. Lójúkojú, “o” ni mo lò fún un, kò sì burú, nítorí ohùn mi àti ojú mi wà níbẹ̀ láti fi ìfẹ́ sí i. Ìyá mi tiẹ̀ pè é ní “ọmọ mi,” wọ́n súre fún un títí. Bébà kò ní ohùn. “O” láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ìyá rẹ, tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ, nínú ìwé tí ẹlòmíràn yóò tún kà, ń jọ ti ẹni tó ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo lo “ẹ” láti òkè délẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé àṣejù ni fún ọmọ ogún ọdún. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀: àjèjì ni àwa méjèèjì sí ara wa, òun sì lolóore.

Èrò mi àkọ́kọ́ ni láti fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí mo ti gba nọ́ńbà rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ Yorùbá lórí fóònù mọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160 bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ètò àtijọ́ tí fóònù ń lò mọ̀. Ètò náà mọ “à” àti “è,” ó mọ “ì” àti “ò,” nítorí àwọn ará Yúróòpù ń lò wọ́n. Kò mọ “ẹ,” kò mọ “ọ,” kò mọ “ṣ.” Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, fóònù yóò yí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí ètò mìíràn tí kò gbà ju lẹ́tà 70 lọ ní ojú ewé kan. Ìwé ọpẹ́ kékeré tí ì bá jẹ́ ojú ewé méjì lè di márùn-ún, owó márùn-ún ni wọn yóò sì gbà. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ ọ́ láìsí àmì. Ṣùgbọ́n ẹ wo “mo dupe fun owo yin” lójú fóònù: ṣé owó wọn ni mo ń dúpẹ́ fún ni, àbí ọwọ́ wọn tó mọ́? Ṣé òwò wọn ni, tàbí ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún mi? Nínú ìwé tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti kọ owó, kì í ṣe ibi tí ó yẹ kéèyàn ṣi ọ̀rọ̀ yìí kà. Mo mú bébà.

Ohun tó kẹ́yìn ni mo kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò, mo sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo sọ ìtàn náà fún un, ó bi mí pé: “Ṣé o kọ ọ́ pé o gbà á pé?” N kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ní òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní ìhà wa kò fi gbogbo ara dáàbò bo ẹni tó bá rí nǹkan he. Ẹni tó bá rí ohun tó sọnù, tó mọ olóhun tàbí tó lè wá a rí, tó wá sọ ọ́ di tirẹ̀, olè ni lójú òfin. Ọmọ tó mú fóònù ẹlòmíràn sùn mọ́jú, bó ti wù kí inú rẹ̀ mọ́ tó, inú ewu ló wà títí tí olóhun fi dé. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró lálẹ́ ọjọ́ náà, tí wọ́n ní kó ṣí fóònù ọwọ́ rẹ̀, kí ni yóò sọ? Bí olóhun bá sì gbà á tán, tó wá sọ lọ́jọ́ kẹta pé owó kan ti kúrò nínú àkáǹtì òun, ta ni wọn yóò kọ́kọ́ wá? Ó ní òun ti rí i tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé téṣàn.

Nítorí náà, ìwé ọpẹ́ fún ẹni tó dá fóònù padà, ẹ̀rí ni pẹ̀lú. Ó yẹ kó ní ọjọ́ tí ó sọnù, ọjọ́ tí ó padà, ibi tí wọ́n ti gbà á, ohun tí wọ́n gbà, àti pé ó pé. Ó yẹ kó ní orúkọ àti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe ìwé kóòtù, kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n àgọ́ ọlọ́pàá tó bá rí i yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Láti fi hàn pé fóònù kan pàtó ni ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́, ó ní kí n tẹ èyí sórí rẹ̀:

```
*#06#
```

Nọ́ńbà 15 ló máa ń jáde, tí kò sí fóònù méjì tó yẹ kó jọ ní in. Mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan ni kí n kọ. Ẹni tó bá kọ gbogbo rẹ̀ sí bébà tó máa káàkiri ti fún ẹlòmíràn ní ohun tí wọ́n lè fi ṣe màgòmágó. Bákan náà ni n kò kọ àdírẹ́sì ilé mi, n kò sì dárúkọ ilé ìfowópamọ́ mi.

Ó ṣẹ́ ku ọ̀rọ̀ owó. Mo mọ̀ pé ó ti ná tirẹ̀: owó ṣáájì, àti káàdì tó rà láti fi fóònù tirẹ̀ pe ìyá mi padà lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un ní nọ́ńbà wọn nígbà tí wọ́n tún pè. Kò yẹ kí ẹni tó ṣe oore tún jẹ gbèsè lórí rẹ̀. Owó tó ná kò jọ ẹ̀bùn, gbígbà rẹ̀ kò sì lè tì í lójú. Mo fi ẹgbẹ̀rún kan náírà sínú àpòòwé ọ̀tọ̀, mo kọ “owó káàdì àti owó ṣáájì” sí i lẹ́yìn. N kò dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé ọpẹ́ rárá. Bí owó bá ti wọ inú ìwé náà, ẹni tó bá kà á yóò rò pé rírà ni mo ra fóònù mi padà. Ní ti ẹ̀bùn gan-an, mo ra búrẹ́dì ńlá mẹ́ta, dàbínù àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n fi ṣínu nírọ̀lẹ́. Ohun tí gbogbo èèyàn bá jẹ nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo kò lè kọ̀ ọ́.

Ìwé náà nìyí. Orúkọ rẹ̀ àti tèmi, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù mi, wà nínú rẹ̀ gan-an. Mo yọ wọ́n kúrò níbí.

“Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2024.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ààwẹ̀. Èmi ni olùkọ́ tí fóònù rẹ̀ bọ́ sínú máíkírà láàárín Dùgbẹ̀ àti Sáńgo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 12. Ẹ rí i, ẹ dá ìyá mi lóhùn nígbà tí wọ́n pè, ẹ fi owó ara yín ṣáájì rẹ̀, ẹ sì fi í lé mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yín láàárọ̀ ọjọ́rú, ọjọ́ 13. Mo gbà á pé pérépéré, fóònù dúdú kan tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 4471, síìmù mi nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó dín.

Ohùn bàbá mi tó ti dolóògbé wà nínú fóònù náà, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa. Kò sí níbòmíràn. Lálẹ́ àná, èmi àti àwọn ọmọ mi jókòó, a tún gbọ́ ọ. Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín àti ìyá tó bí yín.”

Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti kọ. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni mo fi wá a. Gbólóhùn tó kẹ́yìn jẹ́ ti ìyá mi. Wọ́n ní bí a bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, tí a kò dárúkọ ẹni tó ń kọ́ ọ, ìwé náà kò ní í ní ibi tí yóò gbé wọ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tún ní kí n má fi ránni. Àná ni mo dúpẹ́ àkọ́kọ́. Bí a ṣe ń ṣe ni pé kí èèyàn padà wá lọ́jọ́ kejì láti dúpẹ́ àná, kó sì mú ẹnì kan dání tí yóò bá a dúpẹ́. Mo mú àkọ́bí mi dání.

Ọ̀gá wà nílé lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin gíga kan ni, ó ń fi pátẹ́ẹ̀sì lẹ táyà bọ́ọ̀sì kan. Èmi àti ọmọ mi kúnlẹ̀, a ní a wá dúpẹ́ àná ni. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba ìwé náà, ó wò mí, ó wo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ tó ti lọ fara pamọ́ sẹ́yìn jáàkì. Mo rí i pé ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á. Ó rò pé mo wá fi ẹjọ́ ọmọ sùn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé “pé pérépéré,” ó dúró, ó tún un kà, ó sì yíjú sí àwọn awakọ̀ méjì tó ń retí táyà wọn: “Ẹ gbọ́ bí?” Nígbà tó dé ibi ohùn bàbá mi, kò kà á sókè mọ́. Ó kà á sínú. Ó pe ọmọ náà jáde, ó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́, ó ní kí òun fúnra rẹ̀ ka apá tó kù.

Ọmọ náà kà á tán, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé, “Mà, kí ni oríkì ilé yín?” Mo ki í fún un, níwájú gbogbo wọn, láàárín ariwo ọkọ̀. Kò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ mi.

Mo ti bá àwọn mélòó kan sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà tí wọ́n dá nǹkan padà fún ẹlòmíràn: obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà, awakọ̀ kan, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan. Ohun tó ń dùn wọ́n yàtọ̀ sí ohun tí mo rò. Kì í ṣe pé wọn kò fún àwọn lówó. Ó ń dun obìnrin náà pé ẹni tó gba àpamọ́wọ́ rẹ̀ ka owó inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú òun, ó sì lọ láìsọ bóyá ó pé. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ní wọ́n ya òun ní fọ́tò, wọ́n gbé e káàkiri orí fóònù pẹ̀lú nọ́ńbà òun láìbi òun, ó sì di ọ̀sẹ̀ méjì tí àjèjì fi ń pe òun pé kí òun bá àwọn wá fóònù tiwọn náà. Fún àwọn méjèèjì, bébà kékeré kan tó sọ pé “mo gbà á, ó pé” ì bá ti tó.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ọ̀gá fọganáísà tẹ̀lé mi dé etí títì. Ó ní ìyá ọmọ náà wà ní Ìséyìn, pé odidi ọdún kan ni obìnrin náà fi ń bẹ òun kí òun tó gba ọmọ rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Ó béèrè bóyá mo lè tún irú ìwé yẹn kọ, kí ọ̀kan dúró sí ṣọ́ọ̀bù, kí òun fi ìkejì rán awakọ̀ sí Ìséyìn. Mo yá báírò lọ́wọ́ ọmọ mi, mo jókòó sórí táyà kan níbẹ̀, mo sì tún un kọ.